Ọmọ tó ń gúnyán lóru: àkọsílẹ̀ ọmọ oṣù 11 kan ní Àkúrẹ́

Tíṣà tó ń gbé yàrá kejì ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ni ilé náà, lẹ́yìn Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Yàrá mẹ́jọ, bálùwẹ̀ kan, ògiri tó la yàrá kan sí èkejì kò sì nípọn rárá. Tíṣà ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ òun ti ń gúnyán ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí wọ́n tún ń jí gún un ní aago méjì òru, tí wọn ò sì bu òkèlè kan fún òun rí. Yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo kíyè sí i pé ojú ìyá ọmọ, tó ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga, kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jù, nítorí náà èmi ni gbogbo ilé ń pè tí ọmọ bá sunkún ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá ọmọ gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní kí n má ṣáà dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní í dárúkọ.

Lálẹ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kan ilẹ̀kùn mi gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀, Màmá sì ti fẹ́ fún un ní nǹkan." Mo wọ sálúbàtà, mo mú aago ọwọ́ mi tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, mo mú tẹmómítà, mo tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo rí nìyí. Ọmọkùnrin oṣù 11, ó sanra dáadáa, ó wà lókè bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí rẹ̀, ní igun tí pákó bẹ́ẹ̀dì ti kan ògiri. Ó fi ọwọ́ àti orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rá, ó ń fì síwájú, ó ń fì sẹ́yìn, gbogbo ìgbà tó bá sì lọ síwájú, iwájú orí rẹ̀ á gbá pákó: gbì, gbì, gbì. Pákó á gbá ògiri, ògiri á gbé e lọ fún Tíṣà. Ojú ọmọ là díẹ̀, ó rọ̀ bí ojú ẹni tí oorun ń wọ́ lọ. Ó tún ń kùn ní ọ̀fun, ohùn kan náà, bí ẹni ń rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún. Màmá, ìyá bàbá ọmọ, tó ti Oǹdó wá kí wọn láti ọjọ́ Àìkú, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ìgò kan tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé. Bàbá ọmọ di ìgò oògùn olómi kékeré kan mú ní tirẹ̀. Ìyá ọmọ ti na ọwọ́ láti gbé e.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ná. Ó le fún wọn, mo mọ̀. Ta ni yóò dúró máa wo ọmọ rẹ̀ tó ń fi orí gbá pákó? Àmọ́ tí a bá ti gbé e, ohun tí a fẹ́ wò ti lọ nìyẹn. Mo tẹjú mọ́ aago, mo ń kà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ó gbá a ní ìgbà 20. Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́ 20. Ó ń lọ déédéé bí ẹni ń lu agogo, kò yára sí i, kò sì fa sẹ́yìn. Ìyẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì wà láàárín ohun tí a mọ̀ mọ́ irú nǹkan yìí, nítorí pé láti ẹ̀ẹ̀kan nínú ìṣẹ́jú àáyá méjì títí dé ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó sábà máa ń jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó yíjú sí mi, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ̀ mí. Mo dákẹ́. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo tún pè é, ó tún dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta kò dá mi lóhùn mọ́, nítorí pé ó ti ń dẹwọ́. Gbì náà rọ̀, ó di ẹyọ kan, ó di ẹyọ kan mìíràn, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ki àtàǹpàkò bọnu, ó sùn. Láti ìgbà tí mo wọlé sí ìgbà tó sùn, ìṣẹ́jú 11. Mo fi tẹmómítà sí abíyá rẹ̀, ó jẹ́ 36.7. Ètè rẹ̀ pọ́n bó ṣe yẹ, èémí rẹ̀ ń lọ geere.

"Gìrì ni," Màmá wí. "Mo ti rí gìrì rí, gìrì ni."

Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Gìrì tí ẹ rí yẹn, tí ẹ bá pe ọmọ náà lórúkọ, ṣé ó dúró?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní rárá, ojú ọmọ náà yí sókè ni, ó gan, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ìgbà tó sì parí, ó rọ jọwọrọ, wọn ò lè jí i.

Gìrì kì í gbọ́ ìpè. Tí a bá di ọwọ́ ọmọ mú nínú gìrì, ọwọ́ náà á ṣì máa já nínú ọwọ́ ẹni. Ara gbígbóná ló sábà máa ń wà nídìí ti àwọn ọmọdé. Ọmọ tó ń fi orí gbá nǹkan kó tó sùn ṣì wà níbẹ̀: ó ń gbọ́, ó lè dáwọ́ dúró, ó kàn fẹ́ padà sídìí rẹ̀ ni. Mo ti rí i tí wọ́n ń fi oògùn wárápá fún irú ọmọ yìí nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ronú láti pè é lórúkọ kó tó kọ oògùn.

Irú gìrì kan ṣì wà tí mo máa ń wá lójú méjèèjì, nítorí pé kì í jọ gìrì lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Àwọn ìkókó ló ń ṣe jù, láàárín oṣù 3 sí oṣù 8. Ọmọ náà á ká kò lójijì, orí á tẹ̀ wá síwájú, ọwọ́ méjèèjì á ṣí bí ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, á sinmi díẹ̀, á tún ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni á máa tẹ̀ léra wọn bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló wọ́pọ̀ sí jù, ti ọmọ wa yìí sì jẹ́ ìgbà tí oorun ń bọ̀. Àmì tó burú jù ni pé ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín á dẹ́kun ẹ̀rín, èyí tó ti ń jókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ọmọ tó bá ń ṣe báyìí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nítorí èyí ni mo fi bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó lè ṣe. Ó ní ó ń di àga mú dìde, ó ń juwọ́ ó-dàbọ̀ sí bàbá rẹ̀ láràárọ̀, ó ń pe "dàdá", lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa aṣọ orí tábìlì kí abọ́ ṣubú. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí abọ́ yẹn.

Ó kù àwọn ìgò méjèèjì.

Mo bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ òórùn tiwọn. Mo ṣí i, kò sí ìdí láti bèèrè: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, àlùbọ́sà eléwé, gbogbo rẹ̀ ti kan. Àgbo gìrì àtijọ́ ni. Ìfẹ́ ni wọ́n fi gbé e wá láti Oǹdó, mi ò sì fẹ́ dójú tì wọ́n lójú ìyàwó ọmọ wọn. Mo pè wọ́n síta lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn pé ó ti lé ní 40 ọdún tí àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ ohun tí àgbo yìí ń ṣe fún ọmọ sílẹ̀. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ títí ọmọ á fi dákú, ó ń dín èémí rẹ̀ kù, ṣúgà tó wálẹ̀ yẹn gan-an sì ń fa gìrì. Èmi fúnra mi ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹnu wọn ń rùn bí ìgò yìí, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ le koko, tó kàn ń fì kó lè sùn, ni wọ́n fẹ́ fún un.

Ti bàbá ọmọ jẹ́ prómẹ́tásíìnì. Ilé oògùn kan ló ti rà á, ó sọ fún wọn pé ọmọ òun kì í sùn, wọ́n sì tà á fún un láì bi í pé ọmọ ọdún mélòó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí pé ó lè dá èémí ọmọ kékeré dúró lójú oorun. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ìdajì ṣíbí ni wọ́n ní." Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì ṣíbí náà. Ó lọ dà á nù sínú gọ́tà kí n tó sọ gbólóhùn mìíràn. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, pákó bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀rù rẹ̀ kéré jù lójú mi.

Bí a ṣe jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bi Màmá ní ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ìyá àgbà: ṣé ẹnì kan nínú ẹbí ṣe irú èyí rí? Wọ́n kọ́kọ́ ní rárá. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ọmọ wọn, géńdé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ìwọ yìí ńkọ́? Ìwọ tí a ń pè ní Agogo!" Wọ́n ní nígbà tó wà ní kékeré, tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí ẹní, á máa yí orí sọ́tùn-ún sósì títí oorun á fi gbé e, tó fi jẹ́ pé irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ re dànù, ibẹ̀ ń dán. Bàbá wọn ló sọ ọ́ ní Agogo. Kò sẹ́ni tó rò pé gìrì ni nígbà náà, nítorí pé ẹní kì í pariwo. Bàbá ọmọ ò rántí ohunkóhun nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ó ṣe yẹ kó rí. Àwọn ọmọ tó ń ṣe é kì í rántí tílẹ̀ bá mọ́, ká tó wá sọ ti àgbàlagbà. Ó máa ń wọ inú ẹbí mìíràn báyìí lóòótọ́.

Kí wá ni ohun náà gan-an? Yíyí orí, fífì síwá sẹ́yìn, fífi orí gbá nǹkan, yíyí gbogbo ara sọ́tùn-ún sósì: ọ̀wọ́ kan náà ni gbogbo wọn. Fífì ara ló sábà ń ṣáájú, ní nǹkan bí oṣù 6, fífi orí gbá nǹkan á tẹ̀ lé e ní nǹkan bí oṣù 9. Ìyá ọmọ rántí pé láti oṣù 7 ló ti ń fì lórí ọwọ́ àti orúnkún, wọ́n tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un pé ó fẹ́ rá. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ni pé ó ti dàgbà tó láti dé ibi pákó. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó jẹ́ oṣù 9, nǹkan bí mẹ́fà ló ń ṣe ọ̀kan nínú wọn. Tí wọ́n bá fi pé oṣù 18, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù. Tí wọ́n bá pé ọdún 5, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 20. Ọmọkùnrin pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ nínú àwọn tó ń fi orí gbá nǹkan.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ohun tí àwọn oníṣègùn rò jù ni pé fífì máa ń tu ọmọ lára, ó sì ń sin ín dé ẹnu ọ̀nà oorun. Èyí kò lè ṣòro fún obìnrin Yorùbá láti gbà. Kí ni a ń ṣe tí a bá pọ̀n ọmọ? Ọmọ á wà lẹ́yìn wa, a ó máa rìn, a ó máa gúnyán, a ó máa tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn nídìí ọlọ, orí rẹ̀ á máa gbá wa léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ó kàn ṣàdédé rí i pé ó ti sùn. Nígbà tí mo sọ èyí, ìyá ọmọ ní kó tó di pé òun padà sí ìsọ̀ òun lọ́jà, ẹ̀yìn òun ló ti máa ń sùn lálẹ́. Mi ò sọ pé ọjà ló fà á o. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò kúrò nílé rí náà ń ṣe é.

Lówùúrọ̀ a lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù kò bà mí mọ́, àmọ́ ojú tí mo fi wo ọmọ lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù kan kò tó. Kí a tó lọ, mo ní kí bàbá rẹ̀ fi fóònù ya fídíò rẹ̀, torí pé ní aago méjìlá ọ̀sán, níwájú dókítà, ọmọ yẹn kò ní í fì rárá. Aago méjì òru ló tó rí i yà, nígbà tí ọmọ ta jí díẹ̀ tó sì tún fẹ́ wọ oorun padà. Ó fi fóònù kejì tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, kò tàn án sí i lójú, ó ya ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ya ìgbà tí ìyá rẹ̀ pè é tó dúró, ó ya bó ṣe parí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀. Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jọ pé fídíò náà sọ fún un ju gbogbo àlàyé tiwa lọ.

Etí ló kọ́kọ́ wò. Ọmọ tí etí ń ro lè máa fi orí gbá nǹkan, àmọ́ ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ lójijì, á máa sunkún, á máa fa etí, ara rẹ̀ á gbóná, kò sì ní í dúró de àkókò oorun. Awọ inú etí méjèèjì mọ́. Ó wọn yíyí ká orí rẹ̀, ó gbọn nǹkan kan tó ń dún lẹ́yìn etí rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń gbọ́ràn, ó fi ṣíbí tó ń dán rìn níwájú ojú rẹ̀. Ọmọ tí kò ríran dáadáa tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa máa ń fì jù, ó sì máa ń fì lọ́sàn-án. Ó bèèrè bóyá ó ń han-run. Iwájú orí ọmọ ní ibì kan tó dúdú díẹ̀, tó ti yi bí awọ àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ bí owó kọ́bọ̀. Kò wú, kò bẹ́. Ìyá rẹ̀ bèèrè ohun tó ti ń dùn ún lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ṣé ọpọlọ rẹ̀ kò ní í bàjẹ́? Dókítà ní rárá, pé agbára ọmọ tó tó báyìí kò tó láti ṣe ọpọlọ ara rẹ̀ léṣe, àti pé ìpalára gidi ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn ọmọ tí ara wọn le. Kò ní kí wọ́n ya àwòrán orí. Kò kọ oògùn. Inú bàbá ọmọ kò kọ́kọ́ dùn sí èyí. Ó ti wọkọ̀, ó ti gba káàdì, wọ́n wá ní kó máa lọ sílé láì gba nǹkan kan.

Iṣẹ́ tó kù wá di ti bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ni a sì ti ṣe àṣìṣe wa méjì. Kí n tó dé láti ibi tí mo yà sí, Màmá ti to ìrọ̀rí mẹ́rin yí igun bẹ́ẹ̀dì náà ká, kí orí ọmọ lè bá nǹkan rírọ̀. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lè ki imú bọ inú ìrọ̀rí kó má lè yọ ọ́, ìyẹn sì léwu ju pákó lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Mo kó wọn kúrò. Bàbá ọmọ ní ó dáa, ó ti bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, kí Tíṣà lè sinmi. Mo wò ó, mo rò pé ó ti yanjú. Ilé mi ni mo dé kí n tó rántí pé àlàfo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri ni ibi tí ara ọmọ ti ń yọ́ wọ̀, tí orí rẹ̀ á sì há. Mo sáré padà. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn fún ọdún gbọọrọ!

Ohun tí a padà ṣe kò gbówó. A tẹ́ fómù kékeré kan tó le dáadáa sílẹ̀ ní àárín yàrá, ó jìnnà sí ògiri àti sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, a fi aṣọ kan ṣoṣo bò ó pinpin, kò sí ìrọ̀rí, kò sí ọmọláńgidi. A so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn láti òkè, a ki etí rẹ̀ sábẹ́ fómù. Tó bá ṣe, kó máa fi orí gbá fómù. Bàbá ọmọ lo àkókò yẹn láti mú àwọn ìdè bẹ́ẹ̀dì ńlá le, nítorí pé fífì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tú méjì nínú wọn. Ẹ máa wo ìyẹn tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀dì ọmọ onípákó, ó máa ń tú gan-an ni.

Èkejì ni àkókò oorun. Aago méje ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, ó sì ń di aago mẹ́jọ kọjá kó tó sùn. Wákàtí kan gbáko ló fi ń wà lójúfò nínú òkùnkùn, kí ló tún fẹ́ ṣe ju kó máa fì lọ? A sún un sí aago mẹ́jọ, lẹ́yìn ìwẹ̀ àti ọmú. Ìyá rẹ̀ á pọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kọrin fún un, á wá tẹ́ ẹ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti ń wúwo.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù fún ìyá ọmọ. Mo ní tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì, kó má sáré gbé e. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí gbì àkọ́kọ́ bá ti dún, á ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á sì gba ọmú. Ọmọ oṣù 11 gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó ń ṣẹ̀tàn, àmọ́ a ti fi ohun dídùn lé orí ohun tó ti dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo etí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 14. Alẹ́ kejì, 17, ó pọ̀ sí i. Mo ti sọ fún un pé ó lè pọ̀ sí i kó tó dín. Alẹ́ karùn-ún, 6.

Mo sọ fún wọn ohun tó lè yí èrò mi padà, kí wọ́n má bàa fi ọ̀rọ̀ mi sùn lọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì lọ́sàn-án láàárín eré, tí kò bá yíjú mọ́ tí wọ́n pè é, tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ bá ń sọnù. Tí iwájú orí rẹ̀ bá bẹ́ tàbí tó wú. Tó bá ń han-run tí èémí rẹ̀ ń dá dúró láàárín. Tó bá ṣe é kọjá ọdún 5, tí oorun rẹ̀ kò sì tó mọ́, tó ń sùn ní kíláàsì. Nígbà náà ni ohun tó jẹ́ àṣà oorun lásán á di àìsàn tó yẹ kí dókítà tọ́jú. Ìbínú jẹ́ nǹkan mìíràn: ọmọ ọdún méjì tí wọ́n gba bísíkíìtì lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi orí gbálẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àmọ́ ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ló ń wò bó ṣe ń gbá a.

Ní oṣù 14, ó ti di alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ibà mú un ní oṣù 15, gbogbo rẹ̀ padà fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyá rẹ̀ tún wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo wo ara rẹ̀ tó gbóná, mo ní ibà ni kí a tọ́jú, kí a fi fífì sílẹ̀. Ìgbà tí ibà lọ, ó lọ. Ó ti pé ọdún 2 àti oṣù díẹ̀ báyìí. Ìgbà tó bá sùn ní ilé tí kò mọ̀ nìkan ló ṣì máa ń fì díẹ̀. Nígbà ọdún Kérésì tí wọ́n lọ sí Oǹdó, ó fì ní alẹ́ àkọ́kọ́ lórí ẹní Màmá. Ìyá rẹ̀ ní òun ti gbára dì láti ṣàlàyé fún àwọn ẹbí tó kún inú ilé, àmọ́ Màmá kàn yíjú sí ògiri, wọ́n fa aṣọ bora, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí agogo dún, ẹ sùn."

Tíṣà ti kó lọ sí Ọba-Ilé. Kó tó kó lọ, ó bi ìyá ọmọ léèrè ìdí tí wọn ò fi gúnyán mọ́. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gún ọ̀kan fún un lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ẹ̀gúsí, èmi náà sì jẹ níbẹ̀.